Bí ìbéèrè ìdánwò ṣe lè yàtọ̀ síra kó sì dọ́gba

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì lórí Moodle, ṣùgbọ́n kó má le fún ẹnì kan ju ẹlòmíràn lọ. Báwo ni kí n ṣe é?"

Ẹ má da gbogbo ìbéèrè sínú àpò kan. Bí Moodle bá ṣa 10 nínú 50 bó ṣe wù ú, kìkì èyí tó rọrùn lè bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Nínú `Question bank`, ẹ ṣí `category` kan fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ dán wò, kí ẹ fi ìbéèrè bíi 5 sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi `a random question` mú ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni kí àwọn tó wà nínú àpò kan dọ́gba. "Wá 15% nínú 240" (36) àti "Wá 35% nínú 80" (28) bára mu: ìṣirò kan náà ni, odidi nọ́ńbà sì ni ìdáhùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n 15% nínú 237 yóò fún wọn ní 35.55, ẹni tí nọ́ńbà tí kì í ṣe odidi kò yé lè kùnà níbẹ̀ bó tilẹ̀ mọ ìdá ọgọ́rùn-ún dáadáa. "Iye wo ni 15% rẹ̀ jẹ́ 36?" tún burú jù, nítorí ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Àpò tirẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ wo `Facility index` lábẹ́ `Statistics`, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá wà ní 85% tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní 50%, ẹ yọ ọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé èèyàn mélòó kan péré ló kàn, ẹ má tíì gba iye yẹn gbọ́.