Dráífù tó ń já lórí OC1: ẹ kọ́kọ́ wo háàsì tó ti ń já

“Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Mótò kìlówáàtì 15 ni mo fi ń yí fáànù ńlá kan. Bí mo bá ti tẹ RUN báyìí, dráífù tó ń darí ìyára rẹ̀ á gbé OC1 jáde, á sì dúró. Wáyà tó lọ síbi mótò gùn tó mítà 120, ìṣẹ́jú àáyá 5 ni mo fi sí àsìkò ìgbéra. Ẹnì kan ní kí n lọ ra dráífù kìlówáàtì 22. Ṣé kí n rà á?”

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì náwó. Ohun tí OC1 ń sọ ni pé iná tó ń jáde lọ bá mótò kọjá èyí tí dráífù lè gbà, nígbà tí mótò ṣì ń gbéra. Kò sọ ẹni tó fa iná náà. Ohun tí mo máa ń wò kí n tó tú nǹkan kan ni àkọsílẹ̀ inú dráífù fúnra rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń tọ́jú háàsì àti ámpì tó wà níbẹ̀ ní ìgbà tó já. Bó bá jẹ́ òdo tàbí háàsì kan ló ti já, tí ọ̀pá mótò kò tilẹ̀ mira, ínsúléṣọ̀n, wáyà tàbí dráífù fúnra rẹ̀ ni ká wá. Bí fáànù bá ti yí díẹ̀, tó wá já ní nǹkan bíi háàsì 10 sí 15, àsìkò ìgbéra ni kí ẹ fura sí.

Mo bá irú rẹ̀ pàdé ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe sítáàṣì ẹ̀gẹ́ nítòsí Ṣàgámù. Fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná ni, mótò rẹ̀ kìlówáàtì 15 bíi tiyín, wáyà rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún mítà. Ní òdo háàsì ló ń já. A pa iná, a dúró títí iná tó wà nínú kapásítọ̀ dráífù fi tán. Ẹ má fojú kéré ìdúró yìí: lórí iná fóòtì 400, nǹkan bíi fóòtì 540 sí 565 ló ń wà níbẹ̀, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n láàárín + àti − kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà ni a tú wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò ní U, V àti W, ẹnu dráífù tó lọ sí mótò. Ibí yìí ni mo bẹ̀ yín sí gidigidi: ẹ má ṣe fi mẹ́gà, ẹ̀rọ tó ń fi fóòtì gíga wo ínsúléṣọ̀n, kan ohunkóhun tí dráífù ṣì so mọ́, torí fóòtì mẹ́gà lè ba àwọn tíránsísítọ̀ inú rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí wáyà ti kúrò, a fi mítà wo dráífù lórí ìdíwọ̀n dáyóòdù, láti U, V, W sí + àti sí −. Èyí tó bá dáa á ka nǹkan bíi 0.3 sí 0.5 lọ́nà kan, kò sì ní ka nǹkan kan lọ́nà kejì. Bó bá ka òdo lọ́nà méjèèjì, tíránsísítọ̀ ti jóná, mótò kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Tiwọn dáa.

Mẹ́gà ló wá kàn. Fóòtì 500 ni a ń lò fún mótò fóòtì 400, ìṣẹ́jú kan gbáko, láti wáyà sí áàtì. Mẹ́gọ́òmù 5 ni ó kéré jù tí mo lè gbà fún irú mótò yìí. Èyí tí ara rẹ̀ le máa ń ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún. A wọn wáyà àti mótò pọ̀, mẹ́gà fẹ́rẹ̀ẹ́ wálẹ̀ dé òdo. Ọ̀pọ̀ á ti gbé mótò lọ fún àwọn tó ń wé mótò. Àmọ́ a tú wáyà kúrò lára mótò, a sì wọn mótò lọ́tọ̀: ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Inú wáyà ni ìṣòro wà. Wọ́n ti já a láàárín rí, wọ́n so ó pọ̀ sínú ihò kan lábẹ́ ilẹ̀, òjò sì ti wọnú ibi tí wọ́n so. Ẹ rántí pé mẹ́gà kì í rí wáyà inú mótò tó kan ara wọn láàárín ìdì kan náà. Fún ìyẹn, ẹ fi mítà tó lè ka óòmù kékeré wọn U sí V, V sí W, W sí U. Ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba.

A fa wáyà tuntun láìsí ìsopọ̀, oní-ìbora irin ni. Gígùn wáyà ní tirẹ̀ ń fa iná. Ìgbàkígbà tí dráífù bá tan, tó sì pa, ó gbọ́dọ̀ fi iná kún gbogbo gígùn wáyà náà, bí èèyàn ṣe ń fi omi kún páìpù gígùn kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Ìbora irin tún ń mú kó pọ̀ sí i. Ọ̀nà tí mo fi ń dá a mọ̀ ni pé mo máa ń tú mótò kúrò lópin wáyà, mo sì fi wáyà nìkan tan dráífù lórí ìlànà V/f, èyí tí fóòtì ń bá háàsì gòkè, lẹ́yìn tí mo bá ti pa ìṣọ́ tó ń wò bóyá féèsì kan sọnù. Bó bá já báyìí, tí ínsúléṣọ̀n wáyà sì dáa, gígùn rẹ̀ ni. Ti Ṣàgámù kò já, ṣùgbọ́n ó fi ámpì hàn láìsí mótò rárá. A sọ kílóháàsì títan-pípa kalẹ̀ láti 8 sí 3, ámpì náà sì lọ sílẹ̀. Mótò á máa hó díẹ̀ sí i, kò burú. Fún wáyà tó gùn bíi tiyín, ẹ wo ìwé dráífù fún gígùn tó gbà. Bó bá kọjá rẹ̀, ṣóòkù tí wọ́n ń fi sí ẹnu U, V, W ló yẹ, torí wáyà gígùn tún lè sọ fóòtì di ìlọ́po méjì lẹ́nu mótò, èyí sì ń jẹ ínsúléṣọ̀n díẹ̀díẹ̀.

A so mótò padà, ó yí, ó sì já ní háàsì 12. Èyí ni ti àsìkò ìgbéra. Ìṣirò rẹ̀ rèé:

```
T = J × ω / t
```

T ni agbára yíyí, t ni àsìkò ìgbéra. Ìwúwo yíyí fáànù náà (J) lójú ọ̀pá mótò jẹ́ 6 kg·m², ìyára mótò (ω) jẹ́ 153 rad/s. Pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 5, agbára yíyí tó ń béèrè láti gbéra nìkan jẹ́ 184 nítọ̀n-mítà. Gbogbo èyí tí mótò kìlówáàtì 15 tó ń yí 1460 ní ìṣẹ́jú kan ní jẹ́ 98. Kò sí bí kò ṣe ní já. A sọ ọ́ di ìṣẹ́jú àáyá 40, ó wá ń béèrè 23 péré, àyè sì ṣẹ́kù fún afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́. Dráífù kìlówáàtì 22 ì bá gbé e, àmọ́ wáyà tó rin á ṣì máa já a.

Tí tiyín bá ń já nígbà kan, tí kì í já nígbà mìíràn, ẹ wò ó kí ẹ tó tẹ RUN: ṣé afẹ́fẹ́ ti ń yí fáànù náà sẹ́yìn ni? Ẹ tan ètò tí dráífù fi ń mú mótò tó ti ń yí kálẹ̀. Ẹ tún wo ìrànwọ́ fóòtì ìbẹ̀rẹ̀ tí V/f ní. Fáànù kò nílò púpọ̀, tó bá ga jù, òun fúnra rẹ̀ á fa OC1. Ẹ fi háàsì àti ámpì tó wà nínú àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ síbí, kí n lè mọ èwo nínú wọn ni tiyín.