Àtàǹpàkò méjì lọ́wọ́ kan: ẹ gba òwú lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yẹn

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyàwó mi bímọ ọkùnrin. Àtàǹpàkò méjì ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun máa fi òwú dì í kó lè já fúnra rẹ̀. Màmá mi ní Olúgbódi ni, a ò gbọ́dọ̀ gé e. Àwọn kan sì ń sọ pé oògùn ibà tí ìyàwó mi lò nígbà tí oyún pé oṣù márùn-ún ló fà á. Kí ni kí n ṣe?"

Bàbá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn kó fi òwú rẹ̀ pamọ́. Ìka wẹ́wẹ́ tó máa ń fi awọ tín-ín-rín rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín, tí kò léegun nínú, ni wọ́n ń fi òwú dì. Irú ẹ̀ ló pọ̀ jù láàárín àwa èèyàn dúdú, òun ni wọ́n máa ń rí, wọ́n wá rò pé gbogbo ìka kẹfà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn gan-an, òwú lè ṣẹ́ kókó kan kù síbẹ̀ tí ọmọ á máa ké bí aṣọ bá kàn án, torí iṣan ìmọ̀lára wà nínú awọ yẹn. Ti ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò yàtọ̀ sí i pátápátá. Eegun sábà máa ń wà nínú ẹ̀, oríkèé náà sì wà, kódà lọ́pọ̀ ìgbà ìka méjèèjì jọ ń lo oríkèé kan ṣoṣo ni.

Ọmọ tèmi ni mo fi mọ̀. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i yẹ ọwọ́ náà wò fìrí, ó ní èyí tó kéré tó wà lóde yẹn ni àfikún, òun á gé e dànù. Ó gé e lóòótọ́. Ojú ọgbẹ́ jinná, kò ṣẹ̀jẹ̀, gbogbo ẹbí ń yọ̀. Ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í di nǹkan mú la rí i pé àtàǹpàkò tó kù ń yẹ̀. Oríkèé ìsàlẹ̀ tẹ̀ síta, ti òkè tẹ̀ padà sínú, ó wá rí wọ́gọwọ̀gọ. Bó bá fẹ́ wọ bọ́tìnnì, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ìka á yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bọ́tìnnì á bọ́. Á tún bẹ̀rẹ̀. Á tún bọ́. Nílé ìwé, wọ́n ní kó kúkú máa fọwọ́ òsì kọ̀wé. Mo padà tọ dókítà lọ, ó ní bí ọmọ bá ń dàgbà, ara ẹ̀ á tún un ṣe. Irọ́ gbáà! Eegun ọmọdé tó bá ti ń dàgbà lórí wíwọ́, wíwọ́ náà ló máa ń dàgbà sí. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀, ó ní ṣé èmi fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni.

Dókítà ọwọ́ tí mo rí nígbẹ̀yìn ló mú bébà, tó ya bí ọwọ́ ṣe ń hù fún mi. Lọ́jọ́ bíi 26 lẹ́yìn tí oyún bá ti dúró, èéhù kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ọlẹ̀. Ti ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọjọ́ méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ọmọńdinrín máa wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kóra jọ tí wọ́n ń tú èròjà kan jáde, Sónìkì Hẹ́jọ̀ọ̀gì ni wọ́n ń pè é. Ibi tó bá pọ̀ sí ni ọmọńdinrín ń hù, bó ṣe ń dín kù ni ìka ń yàtọ̀, àtàǹpàkò ló wà lọ́nà jíjìn tí kì í dé. Ní 1968, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Jọ́ọ̀nù Sọ́ńdàsì àti Méérì Gásẹ́lìn, bu àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí lára ọlẹ̀ adìyẹ kan, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì èéhù apá òmíràn. Apá yẹn hu ìka ìlọ́po méjì tó kẹ̀yìn síra. Ọ̀kan nínú ohun tó ń fún ọmọ èèyàn ní àtàǹpàkò méjì nìyẹn: èròjà náà ṣèèṣì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní i lọ́wọ́ kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó ní irú ẹ̀ rí nínú ẹbí wọn.

Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ìka á ti kú, ìka á ti yà síra. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má bá ìyàwó yín fa oògùn ibà tó lò lóṣù karùn-ún. Oògùn lè ba apá jẹ́ o, Talidomáìdì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Jámánì láàárín 1957 sí 1961, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọjọ́ 20 sí 36 oyún ni ewu rẹ̀ wà.

Oríkèé ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Ọ̀pá kerekere kan tí kò pín ni eegun ìka kọ́kọ́ jẹ́. Níbi tí oríkèé máa wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì á tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á jáwọ́ nínú ṣíṣe kerekere, lẹ́yìn náà omi tó ń yọ̀ á ya wọ́n, àlàfo á ṣí. Àfi kí ọlẹ̀ máa mira kí àlàfo yẹn tó lè ṣí dáadáa. Ọlẹ̀ adìyẹ tí wọ́n bá fi oògùn mú lápá mú lẹ́sẹ̀, oríkèé ẹ̀ máa ń lẹ̀ pọ̀ ni. Ohun tó bá kọjú sí oríkèé ló ń mọ ọ́n. Bí ìka méjì bá wà lórí ẹ̀, orí eegun ìsàlẹ̀ á fẹ̀ bíi bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ènìyàn méjì. Okùn tó ń di oríkèé mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde, ìka òde ló so mọ́. Iṣan tó ń fa àtàǹpàkò kúrò lára àtẹ́lẹwọ́, òun náà, ìka òde ló so mọ́. Ẹni tó bá gé ìka òde jù sígbó ti gé okùn àti iṣan yẹn dànù pẹ̀lú ẹ̀. Ohun tó ṣe ọmọ mi gan-an nìyẹn.

Dókítà tó mọṣẹ́ á bó okùn náà pẹ̀lú ìwọ̀n díẹ̀ lára awọ eegun, á pa á mọ́, á wá yọ ìka òde, á gé orí eegun tó fẹ̀ kéré, á so okùn àti iṣan mọ́ ìka tó kù. Nígbà míì á tún eegun tó wọ́ gé kó lè tọ́, á fi wáyà gún un dúró fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí ọmọ bá ń sún mọ́ ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán yín lójú. Ẹ bi dókítà yín pé, "Okùn ẹ̀gbẹ́ òde ńkọ́, ibo lẹ máa so ó mọ́?" Bó bá ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀, ẹ gba fáìlì yín. Ní ilé ìwòsàn eegun Ìgbòbí l'Ékòó, wọ́n ń rí irú ọwọ́ yìí. Ti káàdì àti ìwé tí wọ́n á fi rán yín, ẹ mọ ìyẹn.

Ẹ ya ẹ́síréè, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tún un yà bí iṣẹ́ abẹ bá kù fẹ́ẹ́fẹ́. Kerekere kì í hàn nínú ẹ́síréè, ọwọ́ ọmọ tuntun sì kún fún un. Wọ́n na tiwa sókè sí iná, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, kò so mọ́ nǹkan kan." Ó so mọ́ ọn.

Ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí tí àtàǹpàkò ọmọ ẹ̀ kéré jọjọ, tàbí tí kò ní rárá, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ o: kí wọ́n yẹ ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò kí wọ́n tó mẹ́nu kan abẹ.

Ti Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní Olúgbódi. Orúkọ kì í bá ìka lọ. Wọ́n ṣì ń pe tèmi bẹ́ẹ̀.