Òjìji Etí Akẹtẹ̀ Lójú Bàbá: Bí A Ṣe Ń Yọ Ọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sán gangan ni mo ya bàbá wa ní fọ́tò nígbà tí a lọ sí Ìdànrè. Òjìji akẹtẹ̀ tí wọ́n dé bo iwájú orí wọn títí dé agbedeméjì ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìsàlẹ̀ ojú sì mọ́lẹ̀ yòò. Mo fi Photoshop gbé apá tó dúdú náà sókè, àmọ́ ńṣe ni ó dà bí ẹni tí wọ́n fi eérú pa lójú, ìlà funfun kan sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kọjá. Kí ni kí n ṣe? (Oníbéèrè, Oǹdó)

Ìdáhùn: Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fa eérú yẹn àti ìlà funfun náà, ẹ jẹ́ ká sì mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Oòrùn ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú bàbá, ṣùgbọ́n apá tí akẹtẹ̀ bò kò rí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti ojú ọ̀run wá ni ó ń gbà, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run sì ní búlúù nínú ju ti oòrùn lọ. Bí ẹ bá gbé apá yẹn sókè bákan náà nínú àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, búlúù inú rẹ̀ á bá a gòkè, bí búlúù bá sì ti pọ̀ lára awọ dúdú, eérú ni ó máa ń jọ. Àwọ̀ pupa ni ó yẹ kó gòkè jù, kí àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, kí búlúù sì gòkè níwọ̀nba.

Ẹ má fi ojú díwọ̀n èyí, nọ́ńbà ni kí ẹ fi ṣe é. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ bàbá kan gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Àkúrẹ́, wọ́n fẹ́ lò ó fún ọjọ́ ìbí bàbá wọn. Mo ṣí Info, ibi tí Photoshop ti ń fi nọ́ńbà àwọ̀ hàn, mo sì yan ojúkò méjì lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà, ọ̀kan nínú oòrùn, ọ̀kan nínú òjìji, tí wọn kò jìnnà síra ju ìbú ìka kan lọ. Mo yẹra fún ibi tí òógùn ti ń dán, nítorí pé nọ́ńbà ibẹ̀ kì í ṣe ti awọ. Ti inú oòrùn jẹ́ pupa 176, àwọ̀ ewé 124, búlúù 96. Ti inú òjìji jẹ́ 78, 58 àti 54. Ẹ ó rí i pé pupa ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ojúkò méjèèjì, nígbà tí búlúù kò tó ìlọ́po méjì rárá. Ibi tí eérú yín ti wá nìyẹn.

Nígbà náà ni mo ṣí Curves gẹ́gẹ́ bí ìpele tuntun lórí fọ́tò náà. Nínú Red, mo fi 78 sí Input àti 176 sí Output. Nínú Green, 58 di 124. Nínú Blue, 54 di 96. Gbogbo fọ́tò náà á kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ kọjá ààlà, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ tẹ Ctrl+I lórí Mask ìpele náà kí ó di dúdú, kí iṣẹ́ Curves lè pa mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kun ibi tí òjìji wà nìkan.

Ibí yìí ni ìlà funfun ti máa ń yọjú, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ gan-an wà. Òjìji kankan kì í ṣẹ́ pátá bí ìgbà tí a fi abẹ gé nǹkan. Nítorí pé oòrùn ní ìbú lójú ọ̀run, etí òjìji máa ń ní àlà kan tí kò dúdú tí kò sì mọ́lẹ̀ tán, àlà yìí sì máa ń fẹ̀ sí i bí ohun tí ó dí oòrùn bá ṣe jìnnà sí awọ. Ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà tó wà láàárín wọn. Etí akẹtẹ̀ tó wà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi àlà bíi mìlímítà kan sílẹ̀. Ẹ̀ka igi tó wà ní mítà mẹ́ta lókè á fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sílẹ̀. Bí etí Mask yín ṣe rọ̀ tó gbọ́dọ̀ bá àlà yìí mu. Nínú fọ́tò bàbá yẹn, mìlímítà kan lójú wọn jẹ́ nǹkan bíi píkísẹ́lì 10, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Feather 4. Ká ní òjìji ẹ̀ka igi ni, irú Feather kékeré bẹ́ẹ̀ kò ní wúlò rárá.

Ẹ sún fọ́tò náà mọ́ra dáadáa kí ẹ wo ìhà tí ìlà funfun náà wà. Bí ó bá wà ní ìhà oòrùn, etí Mask yín ti rọ̀ jù, ó ti ṣàn wọ ibi tí kò nílò ìmọ́lẹ̀. Ẹ dín Feather kù. Bí ó bá wà ní ìhà tí òjìji wà tẹ́lẹ̀, etí Mask ti le jù. Ẹ fi kún Feather. Bí ẹ bá tún un ṣe títí tí ìlà tín-ín-rín kan ṣì kù, ẹ ṣí ìpele òfìfo kan sókè, ẹ yan Current & Below ní Sample Clone Stamp, kí ẹ sì fi í kùn ún díẹ̀díẹ̀ ní Opacity bíi 15%, ní ipò Darken fún ìlà tó mọ́lẹ̀ àti Lighten fún èyí tó dúdú. Bàbá tí mo ń sọ yìí ní ilà kan ṣoṣo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, etí òjìji náà sì gba orí ilà òsì kọjá ní ìbú. Mi ò jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kan ilà yẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni mo tún ṣe, nítorí pé bí ilà ojú àgbàlagbà bá ti pòórá, kì í ṣe òun mọ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò nínú fọ́tò.

Ẹ má sì yọ òjìji náà tán. Akẹtẹ̀ ṣì wà lórí bàbá; bí iwájú orí bá mọ́lẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́, akẹtẹ̀ náà á dà bí èyí tí wọ́n gé láti ibòmíràn lẹ̀ mọ́ ọn. Mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú tó rọ̀ dín Mask kù ní ìsúnmọ́ etí akẹtẹ̀, kí òjìji lè máa ṣú díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń gòkè, màá sì dín Opacity ìpele Curves kù sí nǹkan bíi 85%. Ẹyinjú fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, nítorí inú kòtò ni ó ń gbé, ó sì yẹ kó ṣókùnkùn ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ díẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sá o, ẹ wo nọ́ńbà ibi tó mọ́lẹ̀ jù ní ìsàlẹ̀ ojú bàbá. Bí ó bá jẹ́ 255 nínú àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ibi tó fẹ̀, kò sí àwọ̀ awọ níbẹ̀ mọ́ tí ẹ lè fi ṣe òṣùwọ̀n, ẹ wá ojúkò mìíràn tí kò tíì jóná, bíi ẹ̀bá etí tàbí ọrùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú òjìji náà ni nọ́ńbà ti wà ní 10 sísàlẹ̀, ohun tí ẹ máa gbé sókè kì í ṣe awọ, àbàwọ́n wínníwínní ni, pàápàá nínú fọ́tò tí fóònù ti fún pọ̀. Irú ìyẹn, ẹ wá fọ́tò mìíràn nínú àwọn tí ẹ yà lọ́jọ́ náà.