Sítétímẹ́ǹtì báǹkì rẹ kò gbọdọ̀ tètè jáde

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ́ḿbásì fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi pé kí n mú sítétímẹ́ǹtì báǹkì oṣù mẹ́fà, ìwé ìnṣọ́ránsì, àti ojúlówó gbogbo ìwé pẹ̀lú ẹ̀dà wọn wá. Ilẹ̀ Faransé ni mò ń lọ, oṣù tó ń bọ̀ ni àpọ́íńtímẹ́ǹtì físà mi ní Àbújá. Ṣé kí n tẹ gbogbo rẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ yìí?”

Àbúrò mi, o lè máa to àwọn ìwé tó kù jọ, ṣùgbọ́n má tíì gba sítétímẹ́ǹtì báǹkì. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n kọ yẹn, láti ọjọ́ tí o máa dúró níwájú wọn ni wọ́n ń kà á padà sẹ́yìn, kì í ṣe láti ọjọ́ tí o lọ sí báǹkì. Ohun tó ń bí mi nínú sí ìwé wọn nìyí: wọ́n á ka orúkọ ìwé sílẹ̀ fún ènìyàn, wọn kò ní sọ ohun tí wọ́n máa wò lára rẹ̀.

Ní 2022, ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ni àpọ́íńtímẹ́ǹtì tèmi ní ẹ́ḿbásì kan ní Màìtámà. Ìtara ni mo fi gba sítétímẹ́ǹtì ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, láti oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹjọ, oṣù mẹ́fà géérégé. Mo kúrò ní Kúbwà ní ìdájí. Nígbà tó kàn mí, obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì kò tilẹ̀ wo ojú ewé àkọ́kọ́, ìkẹyìn ló ṣí, ó fi ẹnu bírò tẹ déètì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní, “Oṣù kẹsàn-án dà?” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n sáré dé báǹkì, ó ní aago mọ́kànlá ni àwọn ń ti ilẹ̀kùn. Ní báǹkì ní Wúsè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Nígbà tí ìwé wá jáde, ọ̀gá tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti wọ mítìnnì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi pẹ́ kí n tó padà dé, wọn kò ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi dúró kí n tó rí àyè mìíràn.

Nítorí náà, lọ gba tìrẹ ní nǹkan bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin sí àpọ́íńtímẹ́ǹtì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí gbogbo ojú ewé, kí orúkọ orí rẹ̀ sì bá ti pásípọ́ọ̀tù mu.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo lọ, ìwé pé, síbẹ̀ wọn kò fún mi ní físà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fi 2,500,000 náírà sínú àkáǹtì mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, pé kí ó lè jojú. Ẹni tó ń yẹ sítétímẹ́ǹtì wò kì í wo iye tó kù nìkan. Ó ń wo bí owó oṣù ṣe ń wọlé, àti bí o ṣe ń ná an. Owó ńlá tó já wọlé lẹ́ẹ̀kan láìsí ìdí máa ń dà bí owó àyálò. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi kọ̀ mí pé n kò fi hàn pé mo ní owó tó tó gbọ́ bùkátà ìrìn àjò náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi owó ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ nínú àkáǹtì tirẹ̀. Ó kọ lẹ́tà pé òun ni yóò gbé ìnáwó mi, mo so sítétímẹ́ǹtì tirẹ̀ mọ́ ọn, mo sì fi ìwé ìbí àwa méjèèjì tì í, kí wọ́n lè rí i pé ìyá kan náà ló bí wa. Wọ́n fún mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ràn ọ́ lọ́wọ́, ọ̀nà yìí ni kí o gbà. Má sì jẹ́ kí àwọn tó ń rìn kiri lẹ́nu ọ̀nà ẹ́ḿbásì bá ọ ṣe sítétímẹ́ǹtì kankan. Àyédèrú ìwé burú ju owó kékeré lọ.

Ní ti ìnṣọ́ránsì, kí iye tí ó máa san má ṣe dín sí 30,000 yúrò, kí ó kárí gbogbo orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ńgẹ́nì, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, àti gbogbo ọjọ́ tí o máa lò níbẹ̀. Ẹ̀dà àwọn ìwé kò le: ṣe fọ́tókópì wọn, kí o to ojúlówó lọ́tọ̀, má lo pín-ìn-nì.

Wo pásípọ́ọ̀tù rẹ náà lónìí: kò gbọdọ̀ ju ọdún 10 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tí o máa kúrò lọ́hùn-ún, kí ojú ewé méjì sì ṣófo nínú rẹ̀. O kò sọ ọjọ́ ìrìn àjò rẹ fún wa. Bí ó bá ku ọjọ́ tí kò tó 15 láàárín ọjọ́ àpọ́íńtímẹ́ǹtì àti ọjọ́ tí o fẹ́ gbéra, sún ọjọ́ ìgbéra síwájú kí o tó ra ìnṣọ́ránsì, nítorí déètì orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìrìn àjò mu.