Wọ́n yọ àbúrò bàbá ọkọ mi nínú fótò ìgbéyàwó wa

"Ẹ jọ̀ọ́, nínú fótò tí èmi àti àwọn òbí mi jọ yà níbi ìgbéyàwó mi, obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí dúró sẹ́yìn wa, ọbẹ̀ sì ta sí léèsì mi. Fótò kan ṣoṣo yẹn ni mo fẹ́ kí fọtógíráfà bá mi tún ṣe. Kí ni kí n kọ sí i?"

Ìyàwó wa, o kú oríire. Wọ́n ní tó bá yá, èèyàn á fi rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹfà tèmi rèé, mi ò tíì rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo kọ ni pé, "Ẹ bá mi yọ bàbá aláṣọ funfun tó wà lápá òsì." Òsì ta ni? Òsì èmi tí mo kọjú sí kámẹ́rà ni mo ní lọ́kàn. Òsì ẹni tó ń wo fótò ni fọtógíráfà mi mú. Ló bá yọ àbúrò bàbá ọkọ mi. Mo-gbọ́-mo-yà tó wá jẹ ìrẹsì wa ṣì dúró digbí. Ọwọ́ bàbá tó yọ wá ṣẹ́ kù léjìká ìyá mi, ìka mẹ́rin tí kò ní ẹni tó ni ín. Kí n tó wò ó dáadáa, ọkọ mi ti gbé e sí gúrúùpù ẹbí lórí Wọ́sáàpù. Ìpàdé ẹbí méjì la fi parí ẹ̀. Fọtógíráfà ní ohun tí mo kọ lòun ṣe o, kò tiẹ̀ tọrọ àforíjì.

Torí náà, má fẹnu júwe. Fa ìlà pupa yí obìnrin náà ká lórí fótò, yí àbààwọ́n náà ká, kó o sì kọ orúkọ fáìlì yẹn sí i, irú bíi DSC_0417. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi han ìyá ọkọ rẹ, kó má lọ jẹ́ pé ẹbí wọn ni ẹni tó ò ń pè ní àlejò.

Sọ fún fọtógíráfà pé fáìlì tó ti inú kámẹ́rà jáde ni kó ṣiṣẹ́ lé, kì í ṣe èyí tó o fa ìlà sí. Èyí tí mo fi Wọ́sáàpù rán ni tèmi tún ṣe, Wọ́sáàpù sì ti sọ ọ́ di kékeré. Lójú fóònù, ó ń dán. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ sínú férémù íńṣì 24, ojú wa dà bí ẹ̀kọ tó yọ́.

Bi í bóyá ó ya òmíràn láti ojú kan náà. Wọn kì í yà á lẹ́ẹ̀kan. Bí obìnrin yẹn ò bá sí nínú ọ̀kan, ó lè gé ẹ̀yìn ibẹ̀ wá dí àyè rẹ̀. Bí kò bá sí, àfi kó máa méfò. Nígbà tó bá parí, fẹ ojú fótò náà: wo ilẹ̀ bóyá òjìji rẹ̀ ṣì wà, wo bóyá òpó kánópì já láàárín.

Ti àbààwọ́n, ihò léèsì ló le. Ṣe ni tèmi kàn fi àwọ̀ ra á mọ́lẹ̀, gbogbo ihò dí, àyà mi wá dà bíi páálí. Kó mú òdòdó léèsì níbi tó mọ́, kó tò ó kí ihò bá ihò mu.

Ṣé epo pupa ni ọbẹ̀ yẹn? Bó bá jẹ́ pé o ká léèsì náà pamọ́ láìfọ̀, lọ gbé e jáde lálẹ́ yìí.