Ata dúdú inú lẹ́tà ọmọ ogun Íńdíà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo kà á pé ọmọ ogun Íńdíà kan tí Gẹ̀ẹ́sì fi ipá kó lọ sí ogun àgbáyé kìíní kọ lẹ́tà sílé pé ata dúdú ti ń tán. Ṣé oúnjẹ ló ń tọrọ ni, àbí àrokò ni?

Ìdáhùn: Kò tọrọ oúnjẹ o. Àwọn ọmọ Íńdíà fúnra wọn ni ata dúdú. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni ata pupa. Ohun tí ará ilé yóò gbọ́ ni pé, àwa ni wọ́n ń dà sínú ọbẹ̀, àwa la sì ń tán. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ bá fẹ́ wọṣẹ́ ológun á ti mọ ohun tó kàn.

N kò ní pè é ní àrokò. Tó bá jẹ́ pé ó di ata gan-an sínú ewé ló fi ránṣẹ́, àrokò nìyẹn. Ẹnà ni èyí, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi bò ó.

Ọdún 1915 ni ẹnà yìí hàn nínú lẹ́tà wọn láti ilẹ̀ Faransé, ọdún tí wọ́n kú lọ bẹẹrẹ ní Neuve Chapelle. (Lójú òfin, Gẹ̀ẹ́sì kò fi túláàsì kó ọmọ ogun ní Íńdíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fúngun mọ́ àwọn abúlé Punjab gan-an nígbà tí ogun ń lọ sópin. Faransé ló ṣòfin túláàsì ní 1912, tó fi kó àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Dahomey náà wà níbẹ̀.)

Kí ló dé tí wọn kò fi ẹnà tó jinlẹ̀ ju ata lọ? Ẹ wo ọ̀nà tí lẹ́tà náà gbà. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ọ́kọ, akọ̀wé ni wọ́n ń pè é fún. Bó bá délé, ẹlòmíì ni yóò kà á sókè fún ìyá àti ìyàwó tí àwọn náà kò mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tí ìyá arúgbó kò bá lè tú nígbà tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, òfo ni. Ohun tí wọ́n ń lò nídìí ààrò ló ṣe é fi pa á.

Ibẹ̀ náà ni àṣírí ti tú. Kí lẹ́tà tó kúrò ní Faransé, ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ọ̀gágun wọn, kó tún gba ọ́fíìsì ayẹ̀wò ní Boulogne, níbi tí Evelyn Howell, tó gbọ́ èdè Íńdíà, ti ń ṣọ́ ọ. Ta ni kò ní fura sí sọ́jà tí kò sọ nǹkan kan nípa ọbẹ̀, tó wá ń ka iye ata tó kù? Àwọn ayẹ̀wò yìí túmọ̀ ọ̀pọ̀ lẹ́tà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi í sínú ìròyìn fún ọ̀gá wọn. Ìtumọ̀ yẹn ló wà ní ilé-ìkàwé ní London títí dòní.