Bí a ṣe ń fi fẹ́kítọ̀ ọ̀rọ̀ mọ èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà lóòótọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń wá àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìtumọ̀ wọn yí padà láàárín ọdún 1850 sí 1999. Mo pín ìwé tí mo kó jọ sí ẹ̀wádún-ẹ̀wádún, mo fi `word2vec` kọ́ fẹ́kítọ̀ fún ẹ̀wádún kọ̀ọ̀kan, mo wá fi kósáìnì wọn ọ̀rọ̀ kan náà láti ẹ̀wádún kan sí òmíràn. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló yí padà, títí kan `water` àti `mother`. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ìwé yín kò ní ẹ̀bi, iṣẹ́ tí ẹ ṣe títí dé ibi ìwọ̀n náà sì dára. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni kò tíì ṣeé ṣe. Ṣe ni ó dà bíi pé ẹ tẹ́ máàpù méjì kalẹ̀, tí òkè ọ̀kan jẹ́ àríwá, tí òkè èkejì jẹ́ ìlà-oòrùn, tí ẹ wá ń béèrè ìdí tí Ìbàdàn fi kúrò níbi tó wà.

`word2vec` kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bára wọn rìn nínú gbólóhùn ló ń wò. Yóò fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ òǹkà kan, tí iye wọn sábà máa ń jẹ́ 100 tàbí 300, ọ̀wọ́ yìí ni fẹ́kítọ̀ rẹ̀, lọ́nà tí àwọn tó ń rìn láàárín irú ẹgbẹ́ kan náà yóò fi súnmọ́ra. Ìsúnmọ́ra yẹn nìkan ló ń wá. Bí ẹ bá yí gbogbo fẹ́kítọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni yí àwo lórí tábìlì, kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò jìnnà sí èkejì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà kò bìkítà apá ibi tó kọjú sí. Òǹkà tó fi ń bẹ̀rẹ̀ náà sì jẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà kàn ṣà. Ẹ lè dán an wò fúnra yín: ẹ kọ́ ẹ̀wádún kan náà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú `seed` tó yàtọ̀, kí ẹ wá wọn `water` àkọ́kọ́ mọ́ `water` kejì. Ìwé kan náà ni, síbẹ̀ kósáìnì yóò lọ sí tòsí 0, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára tan rárá.

Ohun tó kù ni kí ẹ yí máàpù kan títí yóò fi bá èkejì mu bó ti lè mu tó, kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Peter Schönemann ti fi ìṣirò rẹ̀ lélẹ̀ láti ọdún 1966. Òun náà ni William Hamilton, Jure Leskovec àti Dan Jurafsky lò ní 2016 nígbà tí wọ́n wọn irú ìyípadà yìí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn èdè mìíràn. Bí `a` bá jẹ́ fẹ́kítọ̀ ẹ̀wádún ìṣáájú, tí `b` jẹ́ ti ìkẹyìn:

```python
import numpy as np
from scipy.linalg import orthogonal_procrustes

ws = [w for w in a.key_to_index if w in b.key_to_index]
A = np.array([a.get_vector(w, norm=True) for w in ws])
B = np.array([b.get_vector(w, norm=True) for w in ws])
R, _ = orthogonal_procrustes(A, B)
cos = ((A @ R) * B).sum(axis=1)
```

`R` kàn lè yí máàpù po tàbí kó dojú rẹ̀ dé ni. Kò lè nà án, kò sì lè fún un pọ̀, nítorí náà kò ba àjọṣe tó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀wádún náà jẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ kò yí padà. Àwọn ló ń fa máàpù náà sí ààyè rẹ̀, àwọn díẹ̀ tó ti kó kúrò nílé yóò wá hàn. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ tí kò fara hàn tó ìgbà 100 nínú ẹ̀wádún méjèèjì kúrò, torí fẹ́kítọ̀ irú wọn kì í dúró sójú kan.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró, ibẹ̀ ló sì ti ń dùn mí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú máàpù méjèèjì bára mu tán, kò sí ọ̀rọ̀ tí kósáìnì rẹ̀ yóò jẹ́ 1 géérégé. `water` lè jẹ́ 0.85, òmíràn 0.6. Ṣé 0.6 ti tó láti pè ní ìyípadà? Òǹkà yẹn ò lè dáhùn fúnra rẹ̀, àfi tí ẹ bá mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn nígbà tí ohunkóhun ò yí padà. Ẹ kó gbogbo gbólóhùn ẹ̀wádún méjèèjì pọ̀, ẹ lú wọn mọ́ra, ẹ pín wọn sí ìdì méjì láìwo ọdún, ẹ kọ́ fẹ́kítọ̀ tuntun, ẹ mú wọn bára mu, ẹ wọ̀n wọ́n. Kò sí ìyàtọ̀ ìgbà láàárín ìdì méjì yìí, nítorí náà ìyàtọ̀ yòówù tó bá ṣì jáde, ariwo lásán ni. Haim Dubossarsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú àyẹ̀wò yìí ní 2017. Wọ́n rí i pé òfin tí a ti ń kéde, pé ọ̀rọ̀ tí a ń lò púpọ̀ kì í tètè yí padà, ń yọjú níbi tí kò ti sí ìyípadà kankan pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n ni fẹ́kítọ̀ rẹ̀ máa ń mì.

Ẹ ṣe ìpínláìwọdún náà bíi 20 ìgbà. Ọ̀rọ̀ tí ìyàtọ̀ rẹ̀ gan-an bá ju gbogbo 20 yẹn lọ ni kí ẹ mú dání. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀: ọ̀rọ̀ tí kò yí padà rárá ṣì lè fi oríire ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú 21. Tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ 10,000, nǹkan bí 476 yóò wọlé lọ́nà ẹ̀bùrú. Nǹkan mìíràn sì wà tí ó máa ń tan àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá. Ká ní `broadcast` fara hàn ní ìgbà 120 láàárín 1850 sí 1859, tó sì fara hàn ní ìgbà 3,000 láàárín 1990 sí 1999. Bí ẹ bá lú wọn pọ̀, ìdì kọ̀ọ̀kan yóò gba bíi 1,560, ariwo rẹ̀ yóò sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Fún ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ rí i pé ìdì kan gba 120, kí èkejì gba 3,000, bó ti rí ní ìpilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òǹkà sílẹ̀, kí ẹ ka àwọn aládùúgbò ọ̀rọ̀ náà. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àárín `sow` àti `seed` ni `broadcast` ń gbé: àgbẹ̀ ló ń fọwọ́ fọ́n irúgbìn sórí ilẹ̀. Nígbà tó fi di nǹkan bí 1900, ó ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ `newspapers`, ìròyìn ni wọ́n ń fọ́n báyìí. Ní àwọn ọdún 1990, `television`, `radio` àti `bbc` ló yí i ká. Ìpele àárín yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ilé-iṣẹ́ rédíò KDKA ní Pittsburgh bẹ̀rẹ̀ ní 1920, BBC ní 1922, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lóko kí rédíò tó dé. Ẹni tó bá fi 1850 wé 1990 nìkan kò ní rí i. Ẹ sì ṣí gbólóhùn bíi 30 láti ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fojú ara yín kà wọ́n. Nínú COHA, àkójọ ìwé Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ń lò, ẹ̀yìn 1860 ni ìwé ìròyìn tó wọlé; ọ̀rọ̀ lè dà bíi pé ó yí padà nígbà tó jẹ́ pé irú ìwé tó wà nínú àkójọ ló yí padà.

Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe é fún Yorùbá lọ́jọ́ iwájú, àkọtọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Lójú kọ̀ǹpútà, `aiye` tó wà nínú Bíbélì 1884 kú lẹ́yìn àkọtọ́ 1974, wọ́n sì bí ọ̀rọ̀ tuntun kan tó ń jẹ́ `ayé`. `enia` àti `ènìyàn` náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ wọ́n di ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ sì ṣe ohun kan náà sí àmì ohùn nínú gbogbo ìwé. Bí ìwé ẹ̀wádún kan kò bá tó, ẹ da ogójì tàbí àádọ́ta ọdún pọ̀, kí ẹ fi ìdì méjì péré ṣe é.